Eré, Èrè àti Ère: Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Fọ́tò Ìlà Ìparí Eré Máratọ́ọ̀nù

Ìfáárà

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2016 ni eré máratọ́ọ̀nù ìlú Èkó tí a mọ̀ lónìí kọ́kọ́ wáyé. Àwọn sárésáré gbéra ní Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, wọ́n gba orí afárá gígùn tó na orí ọ̀sà, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní Tọ́ọ̀dì Méńlańdì, wọ́n sì parí eré náà ní Èkó Àtìláńtíìkì ní etí òkun. Láti ìgbà náà ni irúfẹ́ fọ́tò kan ti wọ́pọ̀ láàárín wa: ẹnì kan dúró ní ìlà ìparí, nọ́ńbà wà láyà rẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ rọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú kànga. Kì í pẹ́ tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ fi ń dé orí Wásáàpù ẹbí àti ti ẹgbẹ́, tàbí ojú ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́.

Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé bí ẹni náà bá tilẹ̀ ń fi Yorùbá pa àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rìn-ín níbi ìlà ìparí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ fọ́tò náà nígbà tí ó bá délé. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ fi Yorùbá kọ ọ́, ọpẹ́ lásán ni ó sábà máa ń jẹ́. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí a ṣe lè kọ irú ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá kí ó lè ru ẹrù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: àárẹ̀, ìyangàn àti ẹ̀fẹ̀. Èrò tí ó wà nídìí àlàyé náà ni pé ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sí níbì kan náà. Inú àwòrán ni àárẹ̀ wà. Inú òtítọ́ tí a lè kà tàbí tí a lè wọ̀n ni ìyangàn wà. Ẹ̀fẹ̀ sì ń jáde láti inú àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì.

Ohun tí fọ́tò kò lè sọ

Fọ́tò ìlà ìparí kan wà tí ó lókìkí ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti yà á, ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Keje ọdún 1908, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì. Ará Ítálì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dorando Pietri ni ó wà nínú rẹ̀. Àyà rẹ̀ kan okùn ìparí, orúnkún rẹ̀ ti tẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìdíje sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbé gbohùngbohùn onífúnnẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wo àwòrán náà láìka ọ̀rọ̀ kankan yóò sọ pé: ẹni tí ó gbégbá orókè nìyí, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Lóòótọ́ ni Pietri kọ́kọ́ wọ pápá, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ọ̀nà òdì ni ó kọ́kọ́ gbà. Wọ́n darí rẹ̀ padà, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ràn án lọ́wọ́ títí ó fi kọjá ìlà. Nítorí ìrànlọ́wọ́ náà ni wọ́n ṣe fagi lé eré rẹ̀. Johnny Hayes, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó tẹ̀ lé e, ni wọ́n fún ní ipò kìn-ín-ní. Ní ọjọ́ kejì, Ọlọ́rì Alexandra fún Pietri ní ife fàdákà tí wọ́n fi wúrà bò, láti fi tù ú nínú.

A ríi pé fọ́tò náà fi àárẹ̀ hàn láìkù síbì kan, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ nípa ìyangàn jẹ́ irọ́. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ni ó lè tún un ṣe. Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nípa iṣẹ́ yìí wà. Kí òǹkọ̀wé má fi àyè díẹ̀ tí ó ní ṣòfò lórí ohun tí ojú ti rí. Bí ẹni tí ó wà nínú àwòrán bá la ẹnu sílẹ̀, tí ó fi ọwọ́ kan di orúnkún mú, tí òógùn sì ti ya àwòrán mìíràn sí ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀, kò sí ìdí láti kọ pé "ó rẹ̀ mí gan-an". Ohun tí ojú kò lè rí ni kí a kọ: ibo ni ó ti gbéra, báwo ni ọ̀nà náà ṣe gùn tó, wákàtí mélòó ni ó lò, ta ni ó sá a fún.

Ìdájọ́ kan náà ni ó wà lórí ẹni tí ó sá eré kúkúrú. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń sá máratọ́ọ̀nù gidi àti eré kìlómítà 10 ní Èkó. Bí ẹni tí ó sá kìlómítà 10 bá ya fọ́tò tí ó kọ "máratọ́ọ̀nù Èkó, a ti parí ẹ̀" sí abẹ́ rẹ̀, kò pa irọ́ tí ènìyàn lè fi ìka tọ́, ṣùgbọ́n ó ti jí kìlómítà 32 àti díẹ̀ gbé. Kìlómítà 10 tó yangàn, pàápàá fún ẹni tí kò sáré rí láti ilé-ìwé gíráàmà. Kí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Gírámà àárẹ̀ àti gírámà ìyangàn

Èdè Yorùbá ní ohun èlò kan fún iṣẹ́ yìí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà kíyè sí. Nínú gbólóhùn "ó rẹ̀ mí" tàbí "àárẹ̀ mú mi", ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe olùwà; àbọ̀ ni. Àárẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́, ènìyàn ni wọ́n ń ṣe é sí. Ṣùgbọ́n tí a bá dé orí ìyangàn, ẹni náà a gba ipò olùwà: "mo parí", "mo dé", "mo gbà á". Nítorí náà, ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò tí ó bá gbéra láti orí "mi" tí ó sì gúnlẹ̀ sí orí "mo" ti ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ kí òǹkàwé tó mọ̀.

Ohun kejì ni pé Yorùbá gbà kí ẹ̀yà ara máa hùwà bí ẹni tí ó dá dúró. A máa ń sọ pé ojú ń ro ni, pé ẹsẹ̀ kọ̀, pé ara kò gbà. Ìfohunpènìyàn yìí ni ó jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ rọrùn, nítorí pé sárésáré lè bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jà lójú gbogbo ènìyàn láìṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

"Ó rẹ ẹsẹ̀ mi, kò rẹ ẹnu mi: kìlómítà 42.195 ni o."

"Ẹsẹ̀ mi ní kí n bá òun sọ fún yín pé òun kò bá mi ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n a jọ parí ẹ̀."

Nínú èkejì, "a jọ parí ẹ̀" ni ó gbé ìyangàn. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ẹ̀fẹ̀ yóò kù, ṣùgbọ́n yóò di ẹ̀fẹ̀ ẹni tí ó pa eré tì ní agbede méjì ọ̀nà. Nínú èkíní, nọ́ńbà ni ó gbé ìyangàn, "o" tí ó parí gbólóhùn sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ẹni náà.

Atọ́ka pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. "Èmi nìyí" lábẹ́ fọ́tò ara ẹni kò fi nǹkan kan kún un, nítorí pé fọ́tò ti nàka. Ṣùgbọ́n "èmi nìyẹn" yàtọ̀. "Nìyẹn" ń tọ́ka sí ohun tí ó jìnnà; ó dà bí ìgbà tí ènìyàn dúró ní ọ̀ọ́kán tí ó ń fi òkú ara rẹ̀ han ẹbí. "Èmi nìyẹn o. Ẹ má sunkún, mo ti jí" kò lò ju sílébù bíi mélòó kan lọ, àárẹ̀ àti ẹ̀rín sì ti pé níbẹ̀. Ìyangàn ni kò tíì sí. Ìlà kejì tí ó ní iye nínú ni yóò bá a gbé e.

Òwe ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ronú lọ sí ibẹ̀, ewu sì wà nínú rẹ̀. Òwe tí ó ń gbé ènìyàn ga, irú èyí tí ó sọ pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, máa ń sọ fọ́tò di ìwé ìpolongo ìbò. Òwe tí ó bá rẹ ẹni tí ó pa á sílẹ̀ ni ó wúlò. "Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà" dára púpọ̀ fún ẹni tí ó lo ohun tí ó lé ní wákàtí márùn-ún, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́dẹ̀ náà, ó fara balẹ̀, ó dọ̀tí, ó sì wọgbà. Bí ẹlòmíràn bá pa òwe yìí fún un, èébú ni.

Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Kí a gbà pé olùkọ́ girama kan, ẹni ọdún 45, sá eré Èkó láti Sùúrùlérè dé etí òkun. Nínú fọ́tò, ó ti kọjá ìlà. Ó tẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún, àmì-ẹ̀yẹ ń fì lọ́rùn rẹ̀, ó sì hàn gbangba pé kò lè nàró. Lókè orí rẹ̀, aago ńlá ìdíje fi 5:48:12 hàn. Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ ni:

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo parí eré lónìí. Ó rẹ̀ mí gan-an ṣùgbọ́n inú mi dùn."

Kò sí àṣìṣe gírámà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè bá a jà lé lórí. Ṣùgbọ́n a lè fi í sí abẹ́ fọ́tò ìsìnkú, ìgbéyàwó tàbí ìkópaláyípo ìlú láìyí ju ọ̀rọ̀ kan padà. Àmì tí a fi ń mọ ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò tí kò ṣiṣẹ́ nìyẹn: ó bá gbogbo fọ́tò mu.

Ìgbésẹ̀ kejì ni láti wá ohun tí ó jẹ́ ti fọ́tò yìí nìkan. Ẹni náà kò lè nàró, kò sì lè mira. Ó dà bí ère tí wọ́n gbẹ́ sí ìlà ìparí. Ọ̀rọ̀ yìí, ère, ni ó ṣílẹ̀kùn, nítorí pé àwọn ìbátan rẹ̀ ní ti ìrísí wà nítòsí: eré tí ó sá, àti èrè tí ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó wá kọ ọ́ báyìí:

"Mo sá eré, mo gba èrè, mo di ère."

Ìfọ̀rọ̀dárà ni èyí, ohùn nìkan ni ó sì ya ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Eré ní ohùn àárín àti òkè: ohùn gòkè bí ẹni tí ó ń sapá. Èrè jẹ́ ìsàlẹ̀ méjì: ó jókòó. Ère bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ó sì dúró sí àárín láìdé òkè, bí ẹni tí ó fẹ́ nàró tí kò lè ṣe é. Àwítúnwí "mo" ní ẹ̀ẹ̀mẹta fi ẹni náà sí ipò olùwà títí dé ìgbà tí ó di igi. Àárẹ̀ wà nínú ẹ̀kẹta, ìyangàn wà nínú ìkejì, ẹ̀rín sì wà nínú pé àsìkò tí ó gba èrè ni ó di ère.

Wàhálà méjì ni ó so mọ́ gbólóhùn yìí. Ti àkọ́kọ́ ni àmì ohùn. Bí olùkọ́ náà bá fi fóònù rẹ̀ tẹ "mo sa ere, mo gba ere, mo di ere", ẹ̀fẹ̀ náà ti kú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni òǹkàwé rí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹlòmíràn tilẹ̀ lè kà á pé ó di erè, ejò ńlá nì. (Erè pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú gbólóhùn náà, nítorí pé bí ẹsẹ̀ ẹni náà ṣe ń wọ́ nílẹ̀ kò jìnnà sí ti erè, ṣùgbọ́n mẹ́ta gún, ẹ̀kẹrin a máa fi ọgbọ́n òǹkọ̀wé hàn ju àárẹ̀ rẹ̀ lọ.) Àwọn tí ó ń sọ pé a lè pa àmì ohùn tì nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kò tíì gbìyànjú láti fi ohùn ṣe ẹ̀fẹ̀. Wàhálà kejì ni ìpajẹ. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, "sá eré" a di "sáré", "gba èrè" a di "gbèrè", "di ère" a di "dère". Etí kò ní tètè rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń bá ara wọn ṣeré. Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé kọ wọ́n lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, láìpa fáwẹ́lì kankan jẹ. Ẹ̀fẹ̀ tí a fi ojú kà ju èyí tí a fi etí gbọ́ lọ ni.

Ọ̀ràn aago orí fọ́tò

Gbólóhùn ẹlẹ́fẹ̀ náà kò ní iye kankan nínú. Ìlà kejì ni ó gbọ́dọ̀ gbé e, aago sì ni ó máa ń kó àwọn ènìyàn sí ìjọ̀ngbọ̀n níbẹ̀. Aago ńlá tí ó wà lókè ìlà ìparí ń ka àkókò láti ìgbà tí ìbọn ìbẹ̀rẹ̀ dún. Ṣùgbọ́n nínú eré tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kópa, iwájú ni wọ́n máa ń to àwọn tí ó yára jù sí. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn lè rìn fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kí ó tó fẹsẹ̀ kan ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń lẹ ohun pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn nọ́ńbà àyà tàbí mọ́ bàtà. Ẹ̀rọ tí ó wà ní ìlà ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìlà ìparí máa ń dá a mọ̀, òun ni ó sì ń fún sárésáré kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀.

Àkókò ti olùkọ́ wa jẹ́ 5:41:30. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú-àáyá 42 ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ohun tí aago fọ́tò sọ. Bí ó bá kọ 5:41:30 láìsọ nǹkan kan, ẹni tí ojú rẹ̀ mú yóò wo òkè fọ́tò, yóò sì rò pé ó ń bu àkókò jẹ. Bí ó bá sì kọ 5:48:12, ara rẹ̀ ni ó rẹ́ jẹ. Ọ̀nà àbáyọ ni láti sọ ọ̀rọ̀ náà di apá kan ẹ̀fẹ̀:

"Mo sá eré, mo gba èrè, mo di ère. Sùúrùlérè dé etí òkun, kìlómítà 42.195, wákàtí 5, ìṣẹ́jú 41. (Ẹ má wo aago òkè yẹn, ó ti ń kà nígbà tí mo ṣì wà lórí ìlà bí ẹni tó ń ra epo.)"

Ọ̀rọ̀ inú àkámọ́ náà jẹ́ òtítọ́, ó gba ẹni náà lọ́wọ́ ẹ̀sùn, ó sì bá gbogbo ẹni tí ó ti tò rí ní ilé epo sọ̀rọ̀. Orúkọ Sùúrùlérè pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Sùúrù ní èrè ni orúkọ náà. Èrè kan náà tí ó wà nínú ìlà àkọ́kọ́ ni. Kí òǹkọ̀wé má ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i yóò rí i.

Kò sì yẹ kí a rò pé gbólóhùn yìí bá gbogbo fọ́tò eré mu. Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ náà ju ọwọ́ sókè tí ó ń jó ní ìlà ìparí, "mo di ère" ti di irọ́, nítorí pé ère kì í jó. Fún irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, iye àkókò ni kí ẹ̀fẹ̀ dúró lé: ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń gbégbá orókè ní Èkó máa ń wá láti Kẹ́ńyà àti Etiópíà, wọ́n sì ti máa ń parí kí irú olùkọ́ wa tó dé ìdajì ọ̀nà tán. "Ẹ wo ijó ẹni tó gbẹ́yìn, ẹni tó ṣíwájú ti wẹ̀, ó ti jẹun, ó ti sùn" yóò bá a mu dáadáa.

Tí eré náà bá jẹ́ ti àánú

Ọ̀rọ̀ a máa yí díẹ̀ nígbà tí sárésáré bá sá eré láti fi kó owó jọ fún àwọn aláìsàn tàbí fún ilé-ìwé. Ẹ̀fẹ̀ kò di èèwọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2002, Lloyd Scott, ẹni tí ó ti ṣe àìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ rí, wọ aṣọ àwọn amòkun ayé àtijọ́ rin máratọ́ọ̀nù Lọ́ńdọ̀nù láti fi kó owó jọ fún àwọn tí àìsàn náà ń bá jà. Ó lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ kí ó tó kọjá ìlà ìparí. Ènìyàn kò lè rí fọ́tò rẹ̀ kí ó má rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n orí ara rẹ̀ ni ó darí ẹ̀rín náà sí, kò darí rẹ̀ sí orí àìsàn.

Ohun tí ó gbọ́dọ̀ kún ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò eré àánú ni iye owó tí ó wọlé àti ibi tí ó ń lọ, kí àwọn tí ó dá owó lè rí ọwọ́ ara wọn nínú fọ́tò náà. Nítorí èyí ni "mo" fi gbọ́dọ̀ pín àyè pẹ̀lú "ẹ". Bí olùkọ́ wa bá sá eré rẹ̀ láti fi ra àga fún kíláàsì kan ní ilé-ìwé rẹ̀, tí àwọn òbí àti ojúlùmọ̀ sì dá owó àga 30, kí ó kọ ọ́ bí èyí:

"Ẹ̀yin lẹ dáwó, èmi ni mo sáré: àga 30 ti délé. Ọ̀kan ni mo fẹ́ yá báyìí, n óò dá a padà ní ọjọ́ Ajé."